Awòye tàbí akọ́nimọ̀ọ́gbá kékeré?

Olùkọ́, Kubwa:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní kíláàsì Yorùbá tí à ń ṣe ní Sátidé níbí, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Pírámárì 5 máa kọ́ àwọn ọmọ Pírámárì 1 bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù láti òkè èjìká. Ọmọ ńlá yóò mú ìwé kan lọ́wọ́, yóò máa wo ọmọ kékeré, yóò sì máa fàmì sí ohun tó bá rí. Kí ni kí n pe ọmọ tó ń wò yẹn? Kí ni kí n pe ìwé rẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Minna:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀: akọ́nimọ̀ọ́gbá. Gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ètò eré bọ́ọ̀lù lórí rédíò ló mọ̀ ọ́n. Ẹ fi "kékeré" kún un, ó parí. Ìwé yẹn, ẹ pè é ní ìwé máàkì, kí ọmọ ńlá máa fún ọmọ kékeré ní máàkì nínú 10. Lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀, kí ọmọ kékeré náà wo ọmọ ńlá. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nìyẹn: ẹnì kan ń ṣe é, ẹnì kejì ń wò ó, wọ́n á wá pààrọ̀ ipò.

Ìyá Àgbà, Kàdúná:

Bàbá Ìbejì, òótọ́ ni pípààrọ̀ tí ẹ sọ yẹn. Muska Mosston, ẹni tó kọ̀wé lórí bí a ṣe ń kọ́ni ní eré ìdárayá, ló là á sílẹ̀ ní 1966. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ ni. Ọmọ Pírámárì 1 tí kò tíì lè ka gbólóhùn kan já, báwo ni yóò ṣe di ìwé yẹn mú? Ohun tí èmi mú níbẹ̀, tí mo sì fi kọ́ eré ìdárayá títí mo fi fẹ̀yìn tì, ni pé olùkọ́ kì í bá ẹni tó ń ṣe é sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń wò ó ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá rí i pé ẹsẹ̀ ọmọ kékeré kò kúrò lójú kan, mi ò ní pariwo "gbẹ́sẹ̀!" mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ ọmọ ńlá ni màá lọ, màá ní, "Kí lo rí ní ẹsẹ̀ rẹ̀?" Lọ́jọ́ tí mo bá fo ọmọ ńlá dá, mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì ní fojú sílẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti dán an wò rí. Ọmọ tí mo fún ní orúkọ yẹn, fèrè ló kọ́kọ́ ní kí n fún òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. "Ìwé máàkì" tún burú jù ú lọ. Bí ẹ bá fún ọmọ ní 6 nínú 10, ta ló sọ fún un ohun tí yóò yí padà nígbà tó bá tún máa jù ú? Òǹwòran náà kọ́, ẹni tó wá gbádùn ara rẹ̀ nìyẹn. Alákìíyèsí ì bá dára, àmọ́ bí àwọn ọmọ wa bá ti rí "àkíyèsí", pátákó ìkìlọ̀ ló ń wá sí wọn lọ́kàn. Awòye ni mo fara mọ́, kí ìwé rẹ̀ sì máa jẹ́ ìwé àfojúrí. Kí ohunkóhun tí ojú kò lè rí má wọ inú rẹ̀. "Ó jù ú dáadáa" kì í ṣe àfojúrí.

Nínú jíju bọ́ọ̀lù, nǹkan mẹ́rin ni ojú lè rí. Apá á kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ kó tó lọ sẹ́yìn. Ìbàdí àti èjìká á yí, títí ẹ̀gbẹ́ tí kò mú bọ́ọ̀lù yóò fi kọjú sí ògiri. Ẹsẹ̀ tó wà ní òdìkejì ọwọ́ tó ń jù ú á gbéra síwájú. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò, ọwọ́ á ré kọjá iwájú ara lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọmọ Pírámárì 5 lẹ́ẹ̀kan náà o! Ẹsẹ̀ nìkan ni kí ó wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nínú jíjù márùn-ún. Bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì ni kí ẹ lò, kí ọmọ jìnnà sí ògiri tó mítà 6, kí awòye sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ibi tí bọ́ọ̀lù kò ti lè bà á.

Ẹ má sì fa àmì kékeré kankan sórí ògiri. Bí ọmọ bá ti ń wá bí yóò ṣe bá àmì, á dúró gbagidi, á kàn fi ìgúnpá ti bọ́ọ̀lù síwájú. Ẹ sọ fún un pé kí ó jù ú kí ó le. Agbára yẹn ló ń mú kí ẹsẹ̀ gbéra.

Ìyá Tóbi, Jos:

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n máa fi kọ́ gbogbo wọn? Ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ mi, ìyá ọkọ mi kì í sì í fẹ́ kí ó fi òsì ṣe nǹkan kan. Wọ́n ṣe irú èyí ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni "ó gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú". Ẹsẹ̀ ọ̀tún lọmọ mi ń gbé. Wọ́n fa igi sí gbogbo rẹ̀, ẹkún ló sun délé.

Ìyá Àgbà, Kàdúná:

Ìyá Tóbi, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ohun tí Olùkọ́ béèrè kọ́ nìyẹn, àmọ́ inú ìwé tirẹ̀ náà ni irú àṣìṣe yẹn lè wà. A kì í fi òsì na nǹkan sí àgbà, ìyẹn dúró gbọn-in. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun tí à ń nà sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ yín ló ṣe é bó ṣe yẹ, ẹni tó kọ ìwé ló ṣì í kọ. Ẹ sì wo "òdìkejì" tí èmi náà kọ lókè yẹn, ó máa ń dojú rú fún ọmọ ọdún 10. Olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ fún ọmọ kékeré ní bọ́ọ̀lù kí ó jù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mọ ọwọ́ tó ń lò. Kí awòye wá so ìrépé àǹkárá mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ọwọ́ yẹn. Ohun tí ẹ máa kọ sínú ìwé ni: "Ẹsẹ̀ aláṣọ ló gbé síwájú." Ọ̀tún tàbí òsì, kò sí èyí tí kò bá mu.

Bàbá Ìbejì, Minna:

Mo gbà fún Màmá lórí máàkì. Awòye ni kò tíì wọ̀ mí létí, ó dún bí orúkọ ẹni tó ń ríran. Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ ìṣe yín. "Sọ" ni à ń lò fún òkò, ẹ má kọ "ó sọ ọ́" sínú ìwé, kí ọmọ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ni ẹnìkejì rẹ̀ sọ. "Jù" ni kí ẹ dì mú.

Olùkọ́, Kubwa:

A ti ṣe é lánàá, méjì méjì, ọ̀nà mẹ́fà. Awòye kan fàmì sí márààrún. Mo dúró tì í, mo ń fàmì sí ìwé tèmi: ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹsẹ̀ aláṣọ gbéra. Mo bi í pé níbo ni bọ́ọ̀lù ti ba ògiri, ó sì fọwọ́ tọ́ka sí ibi márààrún láìṣì. Bọ́ọ̀lù lojú rẹ̀ ń bá lọ. Mo ní kí ó má gbójú kúrò lára aṣọ yẹn títí etí rẹ̀ yóò fi gbọ́ "gbì" lára ògiri. Nígbà tí wọ́n tún ju márùn-ún mìíràn, àmì rẹ̀ àti tèmi bára mu nínú mẹ́rin. Ó wá sọ fún ọmọ kékeré náà pé, "Aṣọ rẹ ò kúrò nílẹ̀ o." Ẹ wo bí ọmọ yẹn ṣe ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀!

Ti orúkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ kò dúró dè wá. Awosẹ̀ ni wọ́n ń pe ara wọn.

Bàbá Ìbejì, Minna:

Awosẹ̀ dùn létí. Kí wọ́n ṣáà má pè é ní awẹsẹ̀, ẹni tó ń fọ ẹsẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ bí ẹ bá kúrò lórí ẹsẹ̀ ńkọ́?

Olùkọ́, Kubwa:

Apá ló kàn ní Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n ti ń sọ "awopá" láàárín ara wọn.

Ìyá Àgbà, Kàdúná:

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lò ó, ohun tí ojú wọn ń wò ló ń sọ. Lórí ìwé tiyín tí ẹ fi ń ṣe ètò iṣẹ́, mi ò tíì fi awòye sílẹ̀.