Ìgbà wo ni “àdéhùn” ń di “Àdéhùn”?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé àdéhùn ilé gbígbé kan ni mò ń túmọ̀ sí Yorùbá. Níbì kan, lẹ́tà ńlá ni ẹni tó kọ ọ́ fi bẹ̀rẹ̀ kóòtù, ìpínlẹ̀, òfin àti àdéhùn. Níbòmíràn, lẹ́tà kékeré ni. Ṣé kí n sọ gbogbo wọn di ńlá ni, àbí kékeré?

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì: Ọmọ mi, ọ̀wọ̀ ni lẹ́tà ńlá wà fún. Kóòtù tó lè rán ènìyàn lẹ́wọ̀n kò yẹ ní ohun tí à ń fi lẹ́tà kékeré kọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nídìí taípúráítà, lẹ́tà ńlá là ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ọ̀gá tó bá wa wí. Sọ gbogbo wọn di ńlá.

Agbẹjọ́rò: Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kọ́ ni èyí. Nínú ìwé òfin, ẹni tó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ ń sọ pé ohun kan pàtó tí a ti dárúkọ ni òun ń wí, kì í ṣe irú rẹ̀ mìíràn. Ẹ wo gbólóhùn yìí, irú rẹ̀ kì í wọ́n lápá ìparí ìwé ilé: “Gbogbo àdéhùn tí onílé àti ayálégbé ti bá ara wọn ṣe ṣáájú ti di òfo, Àdéhùn yìí nìkan ló kù.” Àdéhùn kékeré ni ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n ti sọ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé, ńlá ni ìwé tó wà níwájú wọn. Bí ẹ bá sọ méjèèjì di ńlá, ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Ti “ilé” tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé sọ pé yàrá mẹ́ta tó wà lókè ni a ó máa pè ní “Ilé”, tí ó sì wá kù díẹ̀ kí ìwé parí, tí a kà pé ayálégbé ni yóò máa kun Ilé lọ́dún méjì-méjì. Yàrá mẹ́ta péré ni yóò kùn. Bí atúmọ̀ bá sọ ọ́ di “ilé”, onílé lè ní gbogbo ilé láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni.

Ọmọ Yorùbá kan ní Amẹ́ríkà: Níbí, bí agbẹjọ́rò bá ń kọ̀wé sí kóòtù kan, lẹ́tà ńlá ni yóò fi kọ “Kóòtù” tó bá jẹ́ kóòtù yẹn gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, Bàbá kò jẹ̀bi tán.

Agbẹjọ́rò: Òótọ́ ni, àmọ́ ìwé ilé kì í ṣe ìwé tí a kọ sí kóòtù. “Kóòtù tó bá lágbára láti gbọ́ ẹjọ́” kò dárúkọ kóòtù kankan, kékeré ni. “Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́” jẹ́ orúkọ, ńlá ni. Ti ìpínlẹ̀, ojú lásán kò tó o. Nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, ọ̀rọ̀ kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá kan náà, ni Gẹ̀ẹ́sì fi pe ìpínlẹ̀ 36 tí abala 3 kà sílẹ̀, òun náà ló sì fi pe ìjọba tí abala 16 gbé iṣẹ́ ọrọ̀ ajé lé lọ́wọ́. Abala 318 ló là wọ́n. Ìtumọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé níbẹ̀: “Ìpínlẹ̀” fún ti àkọ́kọ́, “Ìjọba” fún ìkejì. Abala 318 yẹn náà ló fún òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe ní orúkọ tirẹ̀, tó sì fún ti ìpínlẹ̀ ní òmíràn. “Òfin” ni àwa ń pe méjèèjì, lẹ́tà ńlá kò sì lè yà wọ́n. Ẹ kọ “Òfin Àpapọ̀” àti “Òfin Ìpínlẹ̀”.

Olùkọ́ èdè: Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, ṣùgbọ́n etí kì í gbọ́ lẹ́tà ńlá. Mo ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ìyá kan létí kó tó tẹ̀ka, torí kò mọ̀wé. “Ilé” àti “ilé”, ohùn kan náà ló jáde lẹ́nu mi. Kí ẹ pè é ní “Ilé Àyágbé” jálẹ̀, kó lè dún yàtọ̀. Irú ọ̀rọ̀ tí ìwé fúnra rẹ̀ sọ lórúkọ báyìí, mo dábàá “orúkọ àbísọ” fún un, kí “Ilé-Ẹjọ́ Gíga” jẹ́ àmútọ̀runwá, torí pé ó ti ní lẹ́tà ńlá rẹ̀ kó tó dé inú ìwé wa.

Agbẹjọ́rò: “Àyágbé” dára. “Àbísọ” ni n kò gbà. Orúkọ àbísọ ń bá ọmọ dàgbà ni, ṣùgbọ́n “Ilé” yìí kò kọjá ìwé yìí. Nínú ìwé kejì, ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìnagijẹ ló jọ lójú mi.

Olùkọ́ èdè: Ìnagijẹ kẹ̀? Ta ní ń fún ilé ní ìnagijẹ?

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti padà ka “ilé” ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà: 14 ni, mẹ́sàn-án jẹ́ ńlá, mẹ́ta jẹ́ kékeré. Méjì tó kù wà níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, níbi tí lẹ́tà ńlá kò ti sọ nǹkan kan fún mi, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti ẹni tí yóò máa kó ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Mo ti tẹ ẹni tó kọ ìwé náà láago. Òun náà ní kí n fún òun di ọ̀la.