Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná àbí àpótí ara ògiri: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí nídìí ṣíṣáájì mọ́tò iná

Ìyá Tòmíwá, Líìdì
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń ṣáájì mọ́tò iná nínú ilé ẹ̀ kó sọ tiẹ̀, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù tó kọjá ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Nìsáànì Líìfù bátìrì yúnítì 40 ni mo rà, tòkúnbọ̀, wáyà tó ní plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà nínú búùtù ẹ̀, mo ní ó ti tán, kí ni mo tún fẹ́ fi owó àpótí ògiri tí wọ́n fi ń ṣáájì ṣe. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó, àlọ àtàbọ̀ mi jẹ́ máìlì 40, ìyẹn ń jẹ bíi yúnítì 10 sí 11. Wáyà yẹn ń fa ámpù 10, kílówáàtì 2.3 nìyẹn, tá a bá yọ èyí tó ń ṣòfò lọ́nà, bíi 2 ló ń wọ bátìrì. Tí mo bá dé láàárọ̀ tí mo fi plọ́ọ̀gì bọ ògiri tí mo lọ sùn, kó tó di ọ̀sán ó ti kún padà. Ó tó mi dáadáa.

Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í dúró fúnra ẹ̀. Á ṣe wákàtí kan ààbọ̀, á dá, tí mo bá yọ ọ́ tí mo tún fi í padà á máa lọ. Mo rò pé mọ́tò ló ní wàhálà. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí mo ń sùn lọ́wọ́, òórùn kan ló jí mi, bí ìgbà téèyàn gbàgbé síbí oníke sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Plọ́ọ̀gì yẹn ò fẹ́ jáde lára ògiri, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí mo fà á yọ, ihò ọwọ́ ọ̀tún nìsàlẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀pà yíyan, oníke tó yí i ká ti wó sínú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjì ni, ẹ̀rọ ìfọṣọ ló wà lójú kejì, ó sì ń fọṣọ lọ́wọ́. Ọmọ mi wà nínú yàrá òkè lásìkò yẹn.

Adé Kọ́fẹ́ńtírì
Mummy ẹ pẹ̀lẹ́ o, a dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ó jọ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì féèkì ni wọ́n fi síbẹ̀, torí fíùsì 13 wà nínú plọ́ọ̀gì yẹn, tí iná bá ti pọ̀ jù fíùsì ló yẹ kó kọ́kọ́ já kí ohunkóhun tó jó. Èmi ti ń lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, mo tiẹ̀ ń fi ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n ń ká mọ́ rólù gbà á láti ojú fèrèsé dé ibi tí mọ́tò wà, kò sí nǹkan kan.

Rìwáyà Pẹ́kámù
Adé, apá kan nínú ọ̀rọ̀ ẹ tọ̀nà àmọ́ apá kejì ni iná ń gbà wọlé. Fíùsì ń wo bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó, kò mọ ibi tó ń gbóná. Mọ́tò mummy ò fà ju ámpù 10 tó yẹ kó fà lọ, torí náà fíùsì 13 ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé súkúrúù tó di wáyà mú lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ti dẹ̀, tàbí irin inú ihò ò di ẹsẹ̀ plọ́ọ̀gì mú dáadáa mọ́. Níbi tí irin méjì ò ti fara kanra dáadáa yẹn, ká ní ìdíwọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ 0.2 óòmù péré, ámpù 10 lọ́nà 10 lọ́nà 0.2, wáàtì 20 nìyẹn, lójú kan tí ò tóbi ju èékánná lọ. Irin tí wọ́n fi ń jo lẹ́ẹ̀dì mọ́ rédíò tó bàjẹ́, àwọn kan nínú wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́tùlù náà ń fa tó bẹ́ẹ̀ o, ó tiẹ̀ ń fa jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ń lò. Mọ́tò á lo wákàtí mẹ́fà láìsinmi, lójoojúmọ́. Bó bá ṣe ń gbóná ni irin yẹn á túbọ̀ máa dẹ̀, bó ṣe ń dẹ̀ lá túbọ̀ máa gbóná.

Dídá tó ń dá yẹn, mummy, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ plọ́ọ̀gì yín ló ń gbà yín là. Ọ̀pọ̀ wáyà mọ́tò ní ohun kan nínú orí plọ́ọ̀gì tó ń mọ ooru, tó bá ti gbóná jù á dín iná kù tàbí kó dá a dúró. Kó máa dá lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, kó tún máa lọ tó bá tutù, ògiri ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjì, kì í ṣe 13 lọ́nà méjì ló lè gbé o. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń gbé omi kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ti pọ̀ jù fún un.

Adé, rólù yẹn, jọ̀ọ́ ìwọ àbúrò mi, má ṣe lò ó mọ́ lálẹ́ òní. Wáyà tó bá ká mọ́ra kò ráyè tú ooru ẹ̀ jáde, inú lọ́hùn-ún ló ti ń yọ́, o ò ní rí i láti ìta.

Àlàbí Mánṣẹ́sítà
Èmi ò ní fi àpótí ògiri sílé mi, wọ́n ní ṣíṣáájì kíákíá ń tètè pa bátìrì. Ó sàn kó rọra máa wọlé.

Rìwáyà Pẹ́kámù
Ẹ̀gbọ́n, ti ẹ̀gbẹ́ mótówéè lẹ̀ ń rò, àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń ti 50 tàbí 150 kílówáàtì wọnú bátìrì tààrà. Ti ilé ò jọ ọ́ rárá. Àpótí ògiri 7 kílówáàtì, ṣájà tó wà nínú mọ́tò fúnra ẹ̀ ló ń pinnu ohun tó máa gbà. Líìfù mummy ò lè gbà ju 6.6 lọ, àwọn mọ́tò mìíràn tó pẹ́ díẹ̀ ò tiẹ̀ ju 3.3 lọ, ẹni tó ní irú ẹ̀ á kàn ná owó lé àpótí 7 tí kò ní lò tán. Àti pé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ní ìfiṣòfò tiẹ̀, torí níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò bá ń ṣáájì, kọ̀ǹpútà àti páńpù inú ẹ̀ ń jẹ iná. Wákàtí 20 ni wọ́n máa fi jẹ ẹ́ dípò mẹ́fà.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ̀yin ará òkèèrè, ẹ gbọ́ tiwa náà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa ò yàtọ̀ sí tiyín, àmọ́ iná ibẹ̀ kọ́ ni iná ibí. Láàárín ilé mi tí mo bá wo mítà ní aago méje alẹ́, fóòtì 170 ni mò ń rí, ámpù 10 tí mọ́tò ń fà á di kílówáàtì 1.7, nígbà mìíràn mọ́tò á ní òun ò gbà mọ́. Tí iná bá lọ tí mo tan jẹnẹrétọ̀, iná pupa ló máa ń tàn lórí wáyà ṣájà, ó ń wá ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó wọ ilẹ̀ lọ, kò rí. Oníná àdúgbò wa ní kí n jẹ́ kóun so níútírà àti ẹ́ẹ̀tì pọ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní ṣájà á gbà. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì kí n béèrè.

Rìwáyà Pẹ́kámù
Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Ẹ má gbà o! Ṣájà á gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí níútírà bá já lápá kan nínú ilé, gbogbo ara mọ́tò, ilẹ̀kùn ẹ̀, búùtù ẹ̀, ló máa di iná. Ibi jẹnẹrétọ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe ìsopọ̀ yẹn, pẹ̀lú irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì fi mítà wọ̀n, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kì í ṣe inú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì yìí ló tún fà mí sí ohun tí àwọn tó wà níbí kì í rántí. Ọ̀pọ̀ ilé ní Bìrìtìkó, níútírà àti ẹ́ẹ̀tì ń gba wáyà kan ṣoṣo wọlé láti títì. Tí wáyà yẹn bá já lábẹ́ ilẹ̀, ara mọ́tò lè gbé iná, ẹni tó dúró sórí ilẹ̀ tútù tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ló máa jẹ ẹ́. Àpótí ògiri tó dáa ń ṣọ́ fóòtì ní gbogbo ìgbà, tó bá ti rí i pé ó kúrò nípò á gé gbogbo wáyà, tòun ti ẹ́ẹ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ò ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Fúnkẹ́, Húsítìnì
Ti Amẹ́ríkà níbí, sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré wa fóòtì 120 ni, ámpù 12, máìlì mẹ́rin péré ní wákàtí kan, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ńlá sí gàráàjì mi, èyí tí wọ́n kọ 14-50 sí, fóòtì 240, mo ń fa ámpù 40. Oṣù mẹ́jọ ló lò, ó yọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ò wọ́n ni wọ́n fún mi, kò le tó fún iṣẹ́ gbogbo òru. Mo ti yọ ọ́, wáyà ti wọnú àpótí tààrà báyìí, kò sí plọ́ọ̀gì kankan láàárín.

Ṣèyí ayálégbé, Lúùtìnì
Láńlọ́ọ̀dù mi ò gbà kí n fi nǹkan kan sára ògiri. Wáyà tèmi ṣeé yí sí ámpù 6, mo ti yí i síbẹ̀, kílówáàtì 1.4, ó lọ́ra bí ìgbín. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan plọ́ọ̀gì lẹ́yìn wákàtí kan, lọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń ṣe. Ṣé mo lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀?

Rìwáyà Pẹ́kámù
Ooru tó wà níbi tí ò fara kanra dáadáa, tí iná bá di 6 dípò 10, kò tó ìdajì tàtẹ̀yìnwá. Ó sàn gan-an. Tí ẹ̀yìn ọwọ́ ò bá lè dúró síbẹ̀, dá a dúró. Ṣùgbọ́n ní kí oníná wá ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn wò, kó fi tuntun sí i, àwọn kan wà tí wọ́n kọ EV sí lẹ́yìn tí wọ́n ti dán wò fún mọ́tò.

Adé Kọ́fẹ́ńtírì
Ẹ̀gbọ́n Rìwáyà, mo ti ká rólù yẹn kúrò. Wáyà inú rẹ̀ gbóná ju bí mo ṣe rò lọ. Àmọ́ ní ti Ṣèyí, èmi ṣì gbà pé ámpù 6 lè wà títí ayé.

Rìwáyà Pẹ́kámù
Èmi ò lè fọwọ́ sí títí ayé, ilé tí mi ò dé rí.

Ìyá Tòmíwá, Líìdì
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Wọ́n ti fi àpótí ògiri sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oníná tó wá, ó kọ́kọ́ wo fíùsì àgbà tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, 60 ló kà. Ṣáwà oníná wa ń fa ámpù 41, àpótí yìí 32, ó di 73 kó tó kan kẹ́tùlù. Ó ní òun lè bẹ ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà títì kí wọ́n wá fi fíùsì tó tóbi síbẹ̀, àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, ó fi òrùka kékeré kan yí wáyà àgbà ká, tí ẹni kan bá wọ ṣáwà, àpótí á fúnra ẹ̀ dín tiẹ̀ kù. Lánàá Tòmíwá wọ ṣáwà, mo wà níta ń wò ó lórí fóònù, ámpù tó ń wọ mọ́tò já wálẹ̀ sí 14, nígbà tó jáde ó tún gòkè padà. Wáyà tiẹ̀ nìkan ló gbà láti àpótí fíùsì, kò bá ilé ìdáná pín ohunkóhun. Tí bátìrì bá gbẹ pátápátá, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ló ń gbà, tẹ́lẹ̀ bíi 20 ni. Iná òru mi tó pọ́ọ́kú jẹ́ wákàtí márùn-ún, ní ọjọ́ ìsinmi mi mo lè kó ju yúnítì 30 sínú ẹ̀.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn, oníná tú u lójú mi. Súkúrúù wáyà ọ̀tún, ọwọ́ lásán ló fi yí i. Mo ti kó o sínú ọ̀rá lórí fíríìjì, ẹni tó bá wà ní Líìdì tó ṣì ń fi ògiri ṣáájì kó yà wá wò ó.