Pọ́fù-pọ́fù tó pọ́n lẹ́yìn, tí inú rẹ̀ ò jinná

Bísí, Lágere
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dín nǹkan tà. Kí ló ń jẹ́ kí pọ́fù-pọ́fù dúdú lẹ́yìn kí inú rẹ̀ tó jinná? Fúláwà kílò 1, ṣúgà agolo mílíìkì 3, yíìsì ṣíbí tíì 4, iyọ̀ ṣíbí tíì 1, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó dín díẹ̀ ní lítà 1. Láàárín wákàtí kan ó ti wú dáadáa. Tó bá dénú òróró, ìṣẹ́jú 2 péré, ó ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá fà á ya, àárín rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ eyín.

Wálé, Mọdákẹ́kẹ́
Iná ló pọ̀. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ jẹ́ kó pẹ́ nínú òróró tó ìṣẹ́jú 10. Á jinná.

Màmá Tóyìn, Ọjà Tìtun
Wálé, òótọ́ wà nínú ohun tó o sọ, àmọ́ má parí ẹ̀ síbẹ̀. Òróró tó bá tutù jù kì í tètè mú ẹ̀yìn rẹ̀ le, torí náà òróró á máa wọ inú lọ ni. Ìṣẹ́jú 10 nínú òróró tútù, ẹ fún un, òróró á máa ro.

Bísí, ṣúgà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Agolo 3 kò jìnnà sí gíráàmù 400. Ṣúgà ló ń tètè pọ́n nínú òróró. Bó bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọ̀ á ti dé kí ooru tó dé àárín. Agolo kan ààbọ̀ tó fún kílò 1. Ẹni tó bá fẹ́ kó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wọ́n ṣúgà sí i lórí lẹ́yìn tó bá ti dín in tán.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni òróró. Ẹ kán díẹ̀ lára fúláwà tẹ́ ẹ ti pò sí i. Tó bá jókòó sí ìsàlẹ̀ tí kò gbéra, kò tíì gbóná tó. Tó bá ń pọ́n bó ṣe ń wọlé, ó ti gbóná jù. Èyí tó dáa máa ń rì díẹ̀, á sì léfòó kẹ́ ẹ tó ka 5, pẹ̀lú ìfóòfó kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, kó wà láàárín 170 sí 180 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì.

Kí òróró náà jìn o. Èyí tí ìdí rẹ̀ bá kan ìsàlẹ̀ ìkòkò á pọ́n lápá kan, apá kejì á funfun. Tó bá rí àyè léfòó dáadáa, òun fúnra rẹ̀ á máa yí. Ṣíbí oníhò kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Àǹtí Fúnmi, Iléṣà
Tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹyin 2 àti bọ́tà ni mo ń fi sí i, omi rẹ̀ kì í pọ̀, inú rẹ̀ máa ń jinná.

Màmá Tóyìn, Ọjà Tìtun
Àǹtí wa, bọ́ọ̀nsì lẹ ń sọ yẹn. Ìyẹn kì í dúró de yíìsì, ó sì ki ju ti Bísí lọ.

Ìyá Káyọ̀dé, Sábó
Ẹ má gbàgbé bó ṣe tóbi tó o. Bó bá ti kún àtẹ́lẹwọ́ kó tó wọ òróró, á tún wú sí i, ooru ò sì ní tètè dé àárín rẹ̀. Kó tó ẹyin àparò nígbà tẹ́ ẹ bá ń ju ú sínú òróró, ìyẹn ti tó. Ẹ má sì dà á kún ìkòkò: 15 lẹ́ẹ̀kan náà lè mú kí òróró tutù lójijì, ẹ̀ ń rò pé iná ti pọ̀, kò sì pọ̀.

Bísí, Lágere
Ẹ ṣé gan-an. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó jinná, tí kì í bá ṣe àwọ̀?

Ìyá Káyọ̀dé, Sábó
Ẹ mú ọ̀kan látinú àwọn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ dín, ẹ fà á ya. Tó bá jinná, ihò kéékèèké ló máa kún inú rẹ̀, wọn ò sì ní máa dán. Èyí tí ara ihò rẹ̀ ń dán, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, kò tíì jinná. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí ìyẹn gbà, kẹ́ ẹ fi dín ìyókù. Ìṣẹ́jú 4 sí 5 ló sábà máa ń gbà.

Wálé, Mọdákẹ́kẹ́
Ṣé kí wọ́n tún un rò lẹ́yìn tó bá ti wú tán, àbí kí wọ́n máa bù ú bẹ́ẹ̀?

Màmá Tóyìn, Ọjà Tìtun
Kí wọ́n máa bù ú bẹ́ẹ̀, láti etí abọ́. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó fúyẹ́.

Ìyá Káyọ̀dé, Sábó
Ní tèmi o, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa ń rò ó, kó lè dọ́gba, màá wá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kó tún wú.

Bísí, Lágere
Èédú ni mo fi ń dáná o. Kò ṣeé rẹ̀ sílẹ̀ bíi gáàsì.

Màmá Tóyìn, Ọjà Tìtun
Ẹ yọ èédú díẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó ìpín tó kàn sí i. Tí òróró bá sì ti gbóná kọjá, ẹ bu òróró tútù díẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ tún kán díẹ̀ sí i wò. Kì í ṣe omi o!