Ṣé kí n yọ sípíkà tó ń gbọ́ ohùn yìí kúrò lára iná ilé?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Home Assistant ló ń darí iná ilé wa lórí kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi 4, kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Torí orúnkún mọ́mì mi, mo so sípíkà kan tó ń gbọ́ ohùn mọ́ ọn, ó yára gan-an, àmọ́ ohùn wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí sáfà àwọn tó ṣe é kí iná tó wà nínú yàrá wọn tó tàn, àwọn tó ṣe é sì lè tọ́jú ohùn náà síbẹ̀, dátà wá tán lóru àná, mọ́mì pè é títí, iná ò tàn. Mo gbé Whisper, tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ, sórí Pi yẹn, ohùn ò jáde nílé mọ́, ṣùgbọ́n ó ń tó sẹ́kọ́ńdì 8 kó tó dáhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo Speech-to-Phrase, tó jẹ́ pé kìkì gbólóhùn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń gbọ́, ṣé ó tó fún iná àti fáànù, àbí kí n ra kọ̀ǹpútà tó lágbára jù fún Whisper?