Lítà mélòó la máa ń fi kún ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti dàgbà kí ọjọ́ pípààrọ̀ tó pé?

Àdùkẹ́ Abẹ́òkúta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọkọ̀ mi ti pé ọdún 17. Ẹ́ńjìnì 2.4 ni, a ò sì tíì tú u rí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ sí Ìkẹjà tí mo sì ń bọ̀, gbogbo ìrìn mi tó 20,000 kìlómítà lọ́dún. Bó bá ti rin 5,000 ni mo máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, mo dúró ra epo ní Ewékorò. Mo fa gééjì yọ, mo fi tíṣù nù ún, mo fi í padà sínú rẹ̀, mo tún fà á. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló tutù, ọ́ìlì ò dé àmì ìsàlẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ iná ọ́ìlì ò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Àyà mi já. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wò ó tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdajì lítà ló ń gbà ní bí 1,250 kìlómítà, ìyẹn lítà méjì kí 5,000 tó pé. Ṣé ó bójú mu fún ọkọ̀ àgbà? Èló ló sì ń kó lé ìnáwó mi lọ́dún? Mẹkáníìkì mi ní kí n mú 420,000 náírà wá kí a pààrọ̀ ríìngì ara pístìnì.

Awakọ̀ Máíkírà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Takisí ni mo ń wà n'Íbàdàn, ìdajì lítà ni mo ń fi kún tèmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ ra 20W-50 tó ki. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì àgbà máa mu ún. Bí ẹ bá ti lo èyí tó ki, ó parí.

Ìyá Ìbejì: Tèmi náà ń dínkù bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì ti wọ inú omi rédíétọ̀, ó funfun bí ògì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ni wọ́n pààrọ̀. Àdùkẹ́, yẹ omi ẹ wò kíákíá.

Àdùkẹ́ Abẹ́òkúta: Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Omi mi mọ́, kò sì dínkù.

Bọ̀dá Wọkiṣọ́ọ̀bù: Àdùkẹ́, ohun tí o kọ sílẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ ṣeé dáhùn. Ọ̀pọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ mi á ní ọkọ̀ àwọn ń jẹ ọ́ìlì, wọn ò sì ní mọ kìlómítà mélòó ló fi jẹ ẹ́.

Lítà kan ní 2,500 kìlómítà ni tìrẹ. Wo òṣùwọ̀n kan tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fúnra wọn lò. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ráhùn nípa ẹ́ńjìnì 2AZ-FE, ìlà tí Toyota fà fún pípààrọ̀ pístìnì àti ríìngì lábẹ́ wáráńtì ni kí ọkọ̀ jẹ ju kúọ́tì kan lọ ní máìlì 1,200. Ìyẹn ò pé lítà kan tán ní bí 1,930 kìlómítà. Mi ò sọ pé irú ọkọ̀ yẹn ni tìrẹ, àmọ́ ẹ́ńjìnì tó bá tìrẹ dọ́gba ni. O ò tíì kọjá ìlà, ṣùgbọ́n o ti ń sún mọ́ ọn. Èyí tí ara rẹ̀ le kì í gbà tó lítà kan láàárín 5,000.

Iná pupa tí ò tàn yẹn, má gbẹ́kẹ̀ lé e. Agbára tí ọ́ìlì fi ń sáré nínú ẹ́ńjìnì ló ń ṣọ́, kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó. Kó tó tàn, ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Gééjì lojú rẹ. Jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pa á, dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ́ìlì sọ̀kalẹ̀ tán, kí o tó fà á.

Sọ fún mi: ṣé ó ń jò? Èéfín ńkọ́?

Àdùkẹ́ Abẹ́òkúta: Mo tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ fún òru mẹ́ta, ó gbẹ fúrúfúrú. Èéfín aláwọ̀ búlúù díẹ̀ máa ń jáde láàárọ̀ tí mo bá kọ́kọ́ ta á, á sì lọ kí n tó ṣí géètì tán. Lójú títì, ọmọ mi ló wò ó látẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan.

Bọ̀dá Wọkiṣọ́ọ̀bù: Nígbà náà má tíì mú 420,000 jáde. Èéfín òwúrọ̀ tó ń tètè lọ, fáàfù sílì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí: rọ́bà rẹ̀ ti gan, ọ́ìlì ń kán wọlé lóru. Bí ríìngì bá ti lọ, bí o bá ń tẹ iná mọ́ ọn lójú títì ni èéfín máa ń jáde. Kò dájú tó ọgọ́rùn-ún o, nítorí ríìngì tó kàn lẹ̀ pọ̀ lè má mú èéfín tó ṣe é rí jáde. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ fáàfù PCV wò. Nǹkan kékeré tó ń jẹ́ kí èéfín inú ẹ́ńjìnì rí ọ̀nà jáde ni, owó rẹ̀ ò pọ̀, bó bá sì dí, ẹ́ńjìnì á máa ti ọ́ìlì síbi tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wọn kọ́mpíréṣọ̀n, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, kí ẹnikẹ́ni tó tú u.

Máíkírà, ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ díẹ̀. Ọ́ìlì tó ki lè dín in kù lóòótọ́, àmọ́ kò tún nǹkan kan ṣe. Kì í sì í tètè dé òkè láàárọ̀, nígbà tí irin ń fi ara gún irin. Kó wo ìwé ọkọ̀ rẹ̀. Bó bá gba 5W-30, mi ò ní kó fò lọ sí 20W-50.

Awakọ̀ Máíkírà: Bọ̀dá, ooru ilẹ̀ wa ńkọ́? Àwọn tó kọ ìwé yẹn ò gbé Ìbàdàn. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lo 20W-50.

Bọ̀dá Wọkiṣọ́ọ̀bù: Mo gbọ́, ibẹ̀ ni ẹnu wa ò ti kò.

Fẹ́mi Akáǹtì: Ẹ jẹ́ kí n bá wọn ṣírò owó. Àdùkẹ́, èló lo ń ra lítà kan, èló sì ni pípààrọ̀?

Àdùkẹ́ Abẹ́òkúta: Lítà kan 6,500. Kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin 24,000. Fílítà 4,000, iṣẹ́ ọwọ́ 4,000.

Fẹ́mi Akáǹtì: Pípààrọ̀ kan jẹ́ 32,000. Mẹ́rin lọ́dún, 128,000. Lítà méjì láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan di lítà mẹ́jọ, 52,000. Àpapọ̀ 180,000.

Ṣùgbọ́n wò ó. Ìdajì lítà tó kẹ́yìn, ní 5,000 gan-an lò ń fi í kún un, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa da gbogbo rẹ̀ nù. Bí ọ́ìlì bá ṣì wà lókè àmì ìsàlẹ̀, fi í sílẹ̀. Lítà kan àbọ̀ ló kù nígbà kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà lọ́dún, 39,000. Bí o bá ń bù ú láti inú kẹ́ẹ̀gì, 36,000. Kí 420,000 tó padà wọlé látinú ìyẹn, ó ju ọdún mọ́kànlá lọ.

Bọ̀dá Wọkiṣọ́ọ̀bù: Ìṣirò rẹ dáa, àmọ́ fi plọ́ọ̀gì àti kátálísítì tó ń fọ èéfín nínú páìpù ẹ̀yìn sí i. Ọ́ìlì tó ń jóná ń ba méjèèjì jẹ́, kátálísítì sì wọ́n gan-an. Bó bá dé lítà kan ní 1,000 kìlómítà, ìṣirò yẹn á yí padà pátápátá.

Ìyá Ìbejì: Ṣé kò kúkú ní dáa kó máa bu ọ́ìlì kọjá àmì òkè, kó má baà máa ṣí i nígbà gbogbo?

Bọ̀dá Wọkiṣọ́ọ̀bù: Rárá o, Ìyá Ìbejì. Bó bá pọ̀ jù, irin tó ń yí nísàlẹ̀ á máa lù ú, á hó bí ọṣẹ, ìfófò ò sì lè gbé irin. Kó máa bù ú díẹ̀díẹ̀, kó dúró, kó tún fa gééjì.

Àdùkẹ́ Abẹ́òkúta: Mo ti ra PCV lónìí, Sátidé ni wọn máa fi sí i. Mo ti kọ kìlómítà òní sára ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Bó bá tún ti rin 1,250, màá wá sọ ibi tí gééjì wà.