Ta ló ti rí dọ́là gbà rí ní iye tí ìjọba kéde?

Oníṣòwò Ẹ̀rọ: Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Mo nílò dọ́là 10,000 láti fi ra ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Báńkì àpapọ̀ ní 100 owó wa ni dọ́là kan, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kọ̀wé sí báńkì mi, 2,000 péré ni wọ́n fún mi. Ọjà dúdú ni mo ti ra 8,000 tó kù, ní 160. Nígbà tí mo ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, 148 ni dọ́là kọ̀ọ̀kan ná mi. Báwo ni ó ṣe rí fún yín?

Ìyá Ìbejì: Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ló fà á. Kí ìjọba lé wọn kúrò, ìyàtọ̀ náà á pòórá.

Mo Ti Ṣiṣẹ́ Báńkì Rí: Ẹ má bínú, ìyá, lóòótọ́ ni àwọn kan ń kó dọ́là pamọ́. Ṣùgbọ́n ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, ogójì ènìyàn lè kọ̀wé béèrè lọ́sẹ̀ kan, kí dọ́là tó wọlé má sì ju èyí tó tó mẹ́wàá nínú wọn lọ. Ní 100, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ rà, ẹni tó ní dọ́là kò sì fẹ́ tà, nítorí náà ọgbọ̀n tó kù á jáde lọ du ìwọ̀nba tó wà níta. Bí ẹ bá lé àwọn tó ń ṣẹ́ owó, wọ́n á fi owó ewu lé iye tí wọ́n ń tà.

Ará Òkè Òkun: Mo wà lára àwọn tí kò tà fún báńkì. Dọ́là 500 tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, 50,000 ni báńkì á san fún wọn. Ẹnì kan níbí ń gba dọ́là náà lọ́wọ́ mi, àbúrò rẹ̀ á sì kó 80,000 fún wọn nílé. Dọ́là náà kò kúrò ní ìlú tí mo wà rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ìyàtọ̀ tí èmi rí kò ju 2 lọ. Wọ́n ń rà á ní 158, wọ́n sì ń tà á ní 160.

Oníṣòwò Ẹ̀rọ: Èrè ẹni tó ń ṣẹ́ owó nìyẹn, àbúrò mi. Ti 100 àti 160 ni à ń sọ. Ó dùn mí pé àwọn kan gba dọ́là ní 100, wọn kò sì ra ọjà kankan.

Mo Ti Ṣiṣẹ́ Báńkì Rí: Mo rí wọn. Wọ́n á kọ iye ọjà sínú ìwé ní ìlọ́po méjì, kí wọ́n lè ta dọ́là tó ṣẹ́ kù níta. A máa ń fura bí iye inú ìwé bá ga ju èyí tí ilé iṣẹ́ náà ń tà fún àwọn ẹlòmíràn lọ.

Ìyá Ìbejì: Kí ìjọba kúkú fi 100 náà sílẹ̀ nígbà náà.

Ará Òkè Òkun: Íjíbítì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Àlàfo náà dí, ṣùgbọ́n ọjà wọ́n gógó lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Oníṣòwò Ẹ̀rọ: Ọjà tèmi ti wọ́n tẹ́lẹ̀. 160 ni mo fi ń díye lé e, nítorí pé iye tí màá fi ra òmíràn nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Ti ẹ̀rọ nìyẹn. Oògùn tí mo ń lò, dọ́là tí wọ́n rà ní 100 ni wọ́n ṣì fi ń kó o wọlé, ìdajì rẹ̀ péré ni mo sì ń rí rà lórí àtẹ.