Ṣé fóònù lè ṣe rìmóòtù fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì?

Ìyá Tọ́lá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwọn ọmọ ti da omi sí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wa, ó sì kú pátápátá. Gbogbo áàpù tí mo gbà sórí fóònù ló ń sọ pé òun lè tan tẹlifíṣọ̀n èyíkéyìí, ìpolówó ọjà nìkan ni wọ́n ń fi hàn mí. Bàbá Tọ́lá ní ẹ̀bi mi ni, pé n kò tọ́jú nǹkan. Tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún ṣì dára, àwòrán rẹ̀ mọ́ rekete. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Dọlápọ̀: Ìyẹn ò le rárá. Ẹ so fóònù àti tẹlifíṣọ̀n mọ́ Wáí-fáì kan náà, áàpù á rí i fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe ń lo tèmi nìyẹn.

Àkànní Ẹlẹ́rọ: Dọlápọ̀, wọ́n ní kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Wáí-fáì àti Bulútúùtù kò débẹ̀. Iná tí ojú wa kò lè rí nìkan ni irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ ń gbọ́, èyí tó ń ṣẹ́jú bí ìgbà 38,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí fóònù kò bá ní gílóòbù iná yẹn, kò sí áàpù tó lè dá a sí i lára. Ìyá Tọ́lá, irú fóònù wo ni? Ẹ wo etí rẹ̀ lókè, ṣé ojú dúdú kékeré kan wà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ Redmi ní in, iPhone kò ní in.

Ìyá Tọ́lá: N ò rí ojú dúdú kankan. Mi ò sì lè torí rìmóòtù ra fóònù míì o.

Kọ́lá B.: Ẹ má ra fóònù. Gílóòbù kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ihò ìgbọ́ròó fóònù. Fóònù tó bá ṣáà ti ní ihò yẹn ló ń gbà á, ẹ tì í bọ inú rẹ̀, ó parí.

Àkànní Ẹlẹ́rọ: Kò parí bẹ́ẹ̀, Kọ́lá. Ohùn fóònù kò lè yára tó 38,000, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gílóòbù méjì sínú rẹ̀, tí wọ́n ń tàn ní àtẹ̀léra, 19,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Áàpù tí wọ́n dìídì ṣe fún un nìkan ló lè lò ó. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè dé òpin, kí ẹ sì pa gbogbo ohun tó ń fi adùn kún orin. Síbẹ̀, iná rẹ̀ kì í lọ jìnnà. Èyí tó ń wọ ihò ṣájà lágbára jù ú lọ, bí fóònù bá gbà á láyè.

Ìyá Tọ́lá: Bóyá kí n kúkú sọ ọ́. Mo ti ra rìmóòtù alágbàpọ̀ lọ́jà, irú èyí tó ń bá onírúurú tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́, kò ṣiṣẹ́. Ti alábàágbé wa náà, tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ àti tiwa jẹ́ ọ̀kan náà, kò ṣiṣẹ́.

Mọ́remí: Áà! Ẹ ò sì sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀? Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ fóònù!

Ìyá Tọ́lá: Fóònù ni mo béèrè, ẹ má bínú.

Àkànní Ẹlẹ́rọ: Ó dáa. Ẹ ṣí kámẹ́rà iwájú fóònù, ẹ kọ orí rìmóòtù alábàágbé sí i, kí ẹ tẹ bọ́tìnì. Bí iná tó fara jọ àlùkò bá ń ṣẹ́jú nínú kámẹ́rà, rìmóòtù yè, tẹlifíṣọ̀n ni kò gbọ́. Ẹ wá wo iná pupa ara tẹlifíṣọ̀n: ṣé ó ń ṣẹ́jú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́?

Ìyá Tọ́lá: Iná hàn nínú kámẹ́rà. Ti tẹlifíṣọ̀n kò ṣẹ́jú. Àmọ́ mo lẹ ìwé aláràbarà kan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí àwọn ọmọ má baà máa tẹ àwọn bọ́tìnì ibẹ̀.

Àkànní Ẹlẹ́rọ: Ibẹ̀ gan-an ni ojú tó ń gba iná máa ń wà! Ẹ ṣí i.

Ìyá Tọ́lá: Mo ti ṣí i. Ó ṣẹ́jú! Ó tan nígbà tí mo súnmọ́ ọn. Láti orí àga, kò gbọ́.

Kọ́lá B.: Ojú yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ pe oníṣẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀.

Àkànní Ẹlẹ́rọ: Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ gọ́ọ̀mù ìwé náà ló kù níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò nínú iná, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ rẹ sínú omi ọṣẹ, tí ẹ fún dáadáa, nù ún. Ẹ má da omi sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ pa gílóòbù ilé, kí ẹ tún un dán wò, torí ìmọ́lẹ̀ àwọn kan máa ń dí rìmóòtù lọ́wọ́. Bí kò bá yí padà, ẹ pe oníṣẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ojú náà ní, ètò ẹsẹ̀ wọn kì í sì í dọ́gba. Kó wo ti àtijọ́ dáadáa kó tó jó tuntun mọ́ ọn, torí bó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó lè jóná.

Ìyá Tọ́lá: Mo gbọ́. Rìmóòtù alágbàpọ̀ tí mo rà ń kọ́? Ṣé kí n dá a padà?

Mọ́remí: Ṣé ẹ tẹ nọ́mbà tó wà nínú ìwé rẹ̀ sí i?

Ìyá Tọ́lá: Ìwé wo?